Ta Ló Ń Sọ̀rọ̀ Níbí? Bí A Ṣe Ń Tú Àpilẹ̀kọ Fìlọ́sọ́fì sí Àbá, Àtakò àti Èsì

Àṣìṣe kan wà tó wọ́pọ̀ nínú àròkọ fìlọ́sọ́fì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, ẹni tó ń máàkì kì í sì í pẹ́ rí i. Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ ọ́ pé: "Singer sọ pé pọ́n-ùn 5 péré ni ojúṣe mi, n kò ní láti mú jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀." Ọ̀rọ̀ yẹn wà lóòótọ́ nínú àpilẹ̀kọ tí Peter Singer, onímọ̀ fìlọ́sọ́fì, kọ lórí ríran àwọn tí ìyàn ń pa lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n Singer kò gbà á gbọ́. Ńṣe ló gbé e kalẹ̀ kó lè wó o.

Bí àwọn onímọ̀ fìlọ́sọ́fì ṣe ń kọ̀wé nìyẹn. Ẹnìkan ló mú kálàmù dání, àmọ́ ẹnu méjì, nígbà mìíràn mẹ́ta, ló ń sọ̀rọ̀. Òǹkọ̀wé á sọ tirẹ̀, á yá ẹnu alátakò lò fún ìpínrọ̀ kan, á tún padà sí ẹnu tirẹ̀, kò sì ní kéde fún yín pé òun ti yí padà. Ìdí nìyí tí kíka ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹrin kì í fi í ran ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́. Ẹ lè mọ ìtumọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, kẹ́ ẹ má sì mọ ẹni tó ni èwo. Ìbéèrè méjì lẹ máa bi gbólóhùn kọ̀ọ̀kan: ta ló ń sọ èyí, kí ló sì wá ṣe níbí?

Ìdáhùn sí ìbéèrè kejì sábà máa ń bọ́ sí ọ̀kan nínú mẹ́ta. Àbá ni ohun tí òǹkọ̀wé fẹ́ ká gbà pé òtítọ́ ni. Àtakò ni ìdí tí ẹnìkan fi lè ní òun ò gbà. Èsì ni ohun tí òǹkọ̀wé fi dá alátakò lóhùn. Àwọn gbólóhùn mìíràn wà tí kò sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bí ìtàn tó fi bẹ̀rẹ̀, àpẹẹrẹ, àti ìtumọ̀ ọ̀rọ̀. Ẹ má fi tipátipá kó wọn sínú àpò kankan. Ẹ kàn kọ "àpẹẹrẹ" sí ẹ̀gbẹ́ wọn, kẹ́ ẹ sì máa bá iṣẹ́ lọ.

Ẹ jẹ́ ká lo àpilẹ̀kọ Singer yìí láti fi ṣiṣẹ́, nítorí àìmọye olùkọ́ ló ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn kà. Ọdún 1972 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, kò ju nǹkan bí ojú ìwé 15 lọ, ìyàn, ọrọ̀ àti ojúṣe wa sí àwọn tí ìyà ń jẹ ló sì dá lé lórí. Oṣù kọkànlá ọdún 1971 ni Singer ń kọ ọ́, nígbà tí àwọn èèyàn ń kú ní Ìlà-Oòrùn Bẹ́ńgálì, ibi tí a ń pè ní Bangladesh lónìí, nítorí àìsí oúnjẹ, ibùgbé àti ìtọ́jú. Ìtàn yẹn ló fi bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe àbá rẹ̀.

Kí ẹ tó fi kálàmù kan ìwé náà, ẹ kọ nọ́ńbà sí ẹ̀gbẹ́ ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó dà bí iṣẹ́ ọmọdé, àmọ́ òun ni kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ máa wá ibi tẹ́ ẹ ti rí ọ̀rọ̀ kiri ní òru ọjọ́ tẹ́ ẹ máa fi àròkọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ kà á já lẹ́ẹ̀kan láìfa ìlà sábẹ́ ohunkóhun. Ohun kan ṣoṣo lẹ ń wá nínú kíkà àkọ́kọ́ yìí: kí ni òǹkọ̀wé fẹ́ kí n gbà nígbà tí mo bá parí? Ẹ kọ ọ́ ní gbólóhùn kan. Ti Singer lè lọ báyìí: "Ó yẹ kí àwa tó rí já jẹ mú púpọ̀ nínú owó wa sílẹ̀ láti gba àwọn tí ìyàn ń pa là, ojúṣe wa ni, kì í ṣe àánú." Ìdajì tó kẹ́yìn yẹn ló le jù. Bẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀, ohun tó kù ni pé ó dára ká máa ran èèyàn lọ́wọ́, kò sì sí ẹni tó ń bá Singer jiyàn lórí ìyẹn.

Nígbà tí ìkádìí ti wà lọ́wọ́ yín, ẹ padà lọ wá àwọn òpó tó gbé e dúró. Ohun tó yẹ kó wà nínú ìwé yín kò ju báyìí lọ, ní ọ̀rọ̀ ara yín:

À1. Ìyà àti ikú tí àìsí oúnjẹ, ibùgbé àti ìtọ́jú ń fà jẹ́ ohun burúkú.

À2. Bí agbára wa bá ká a láti dènà ohun burúkú kan, láìpàdánù ohun mìíràn tó wúwo tó o lójú ìwà rere, ó yẹ ká dènà rẹ̀.

À3. Bí a bá ń mú owó sílẹ̀ fún ìrànwọ́, a lè dènà irú ìyà àti ikú yẹn láìpàdánù ohun tó wúwo tó wọn.

Ìkádìí. Nítorí náà, ó yẹ ká máa mú owó sílẹ̀.

Ẹ wo À3 dáadáa. Singer to À1 àti À2 kalẹ̀ gedegbe gẹ́gẹ́ bí ìpìlẹ̀, ó tilẹ̀ sọ pé ohun tí òun fi bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kò to À3 kalẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bí kò bá sí i, ìkádìí kò lè jáde: À1 àti À2 kò sọ ohunkóhun nípa owó. Irú àbá tó fara sin báyìí wà nínú ọ̀pọ̀ àpilẹ̀kọ fìlọ́sọ́fì, ọ̀nà tí a sì ń gbà mú un jáde ni pé ká ka àwọn òpó tí a ti kọ, ká bo ìkádìí mọ́lẹ̀, ká wá bi ara wa pé ṣé ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ náà lè dé ibẹ̀ láti orí ìwọ̀nyí nìkan. Bí kò bá lè dé ibẹ̀, òpó kan ṣì kù. Ẹ fi àmì sí èyí tẹ́ ẹ fúnra yín fi kún un, kó lè yàtọ̀ sí èyí tí òǹkọ̀wé kọ.

À2 tún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ẹ̀dà méjì ni Singer ṣe é. Nínú èyí tó lágbára, a gbọ́dọ̀ máa bá a lọ títí a ó fi dé ibi tí àdánù wa fi máa wúwo tó ìyà tí a ń dènà. Nínú èyí tó rọ̀, a lè dúró nígbà tó bá ti fẹ́ ná wa ní ohunkóhun tó ní láárí lójú ìwà rere. Gbólóhùn "láìpàdánù" ló ya méjèèjì sọ́tọ̀, òun gan-an sì ni akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kánjú máa ń gé kúrò. Ó á kọ ọ́ pé: "Singer ní a gbọ́dọ̀ dènà gbogbo ohun burúkú." Lẹ́yìn náà, á lo ojú ìwé méjì láti fi hàn pé kò sẹ́ni tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni, kò sẹ́ni tó lè ṣe é, àmọ́ kò sẹ́ni tó ní ká ṣe é. Bí àtakò yín sí ògbóǹtarìgì onímọ̀ kan bá rọrùn tó bẹ́ẹ̀, ẹ padà lọ wo ohun tẹ́ ẹ kọ sílẹ̀. Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti gbàgbé gbólóhùn kan sínú ìwé rẹ̀.

Àpẹẹrẹ tó gbajúmọ̀ jù nínú àpilẹ̀kọ náà ni ti ọmọdé tó ń rì sínú odò kékeré tí kò jìn. Ẹni tó ń kọjá lọ lè wọ inú odò kó gbé e jáde, ohun tó máa ná an kò ju pé aṣọ rẹ̀ á di ẹlẹ́rẹ̀ lọ. Àwọn kan máa ń kọ odò yìí sílẹ̀ bí ẹni pé òun ni àbá Singer. Kì í ṣe òun. Bí ìlànà À2 ṣe ń ṣiṣẹ́ ló fi hàn wá, ó sì ń mú kí ìlànà náà dà bí ohun tí gbogbo wa ti gbà tẹ́lẹ̀. Ní tèmi o, ó yẹ kí èèyàn kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ À2 bí "àpẹẹrẹ", kó sì fi ìbéèrè tì í: ṣé odò yìí kàn ń ṣàlàyé À2 ni, àbí ó ń gbè é lẹ́yìn? Ìbéèrè yẹn nìkan lè di àròkọ.

Ó kan àtakò wàyí. Kí àtakò tó lè jẹ́ àtakò, ó gbọ́dọ̀ ní ibi tó ń bà. Ibi méjì péré ló sì lè bà: yálà kó sọ pé òpó kan kì í ṣe òtítọ́, tàbí kó sọ pé bí gbogbo òpó tilẹ̀ jẹ́ òtítọ́, ìkádìí kò tẹ̀ lé wọn. Fún ìdí èyí, bẹ́ ẹ bá ti rí àtakò, ẹ kọ nọ́ńbà òpó tó kọjú sí síwájú rẹ̀. Bẹ́ ẹ kò bá rí nọ́ńbà kọ, ẹ kò tíì lóye àtakò náà, tàbí kó jẹ́ pé àròyé lásán ni. "Ó ti le jù" kì í ṣe àtakò títí ẹ ó fi sọ ohun tí líle rẹ̀ fi hàn pé irọ́ ni.

Ìpínrọ̀ pọ́n-ùn 5 tí a fi bẹ̀rẹ̀ ni ká wá sún mọ́. Singer ti sọ pé bí àwọn mìíràn tó lè ṣèrànwọ́ ṣe pọ̀ tó kò dín ojúṣe tèmi kù. Lẹ́yìn náà ló fi ẹnu alátakò sọ̀rọ̀. Bí a bá tú u, ohun tó wà níbẹ̀ nìyí, ní ọ̀rọ̀ tèmi:

(a) Bí gbogbo ẹni tó wà nípò bíi tèmi bá mú pọ́n-ùn 5 sílẹ̀, owó náà á tó láti fún àwọn ogúnléndé Bẹ́ńgálì ní oúnjẹ, ibùgbé àti ìtọ́jú.

(b) Kò sí ìdí tí èmi fi gbọ́dọ̀ mú ju ti ẹlòmíràn tó wà nípò kan náà lọ.

(d) Nítorí náà, kì í ṣe ojúṣe mi láti mú ju pọ́n-ùn 5 lọ.

Gbólóhùn tí Singer fi tẹ̀ lé e ló ń da àwọn òǹkàwé rú: ó ní òpó kọ̀ọ̀kan nínú àlàyé yìí jẹ́ òtítọ́, ó sì dà bíi pé àlàyé náà yè kooro. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ á dúró níbẹ̀, á kọ "Singer gbà". Ìlà tó tẹ̀ lé e ló gbé èsì wá. (a) ní "bí" nínú. (d) kò ní. Ohun tó lè jáde láti inú (a) àti (b) ni pé: bí gbogbo wọn bá mú pọ́n-ùn 5 sílẹ̀, kì í ṣe ojúṣe mi láti mú jù bẹ́ẹ̀ lọ. "Bí" yẹn ti já bọ́ lọ́nà kí alátakò tó dé ìkádìí. Bẹ́ ẹ bá sì dá a padà síbẹ̀, ẹnikẹ́ni á rí i pé àlàyé náà kò kan ayé tí a wà nínú rẹ̀, níbi tí kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń mú pọ́n-ùn 5 sílẹ̀.

Ẹ kíyè sí irú èsì tí èyí jẹ́. Singer kò jiyàn pé (a) tàbí (b) jẹ́ irọ́. Ó gba méjèèjì, ó wá sọ pé ìgbésẹ̀ tó ti ibẹ̀ lọ sí (d) ló ṣẹ́. Nínú ìwé àkọsílẹ̀ yín, ìlà kan ṣoṣo ló yẹ kó jẹ́: "Èsì sí pọ́n-ùn 5: òpó rẹ̀ dára, ìgbésẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́, nítorí 'bí' tó já bọ́." Ẹni tó bá kọ pé "Singer kò gbà pé pọ́n-ùn 5 tó" kò purọ́, ṣùgbọ́n kò sọ èsì náà. Ohun tí Singer gbà àti ìdí tó fi gbà á jẹ́ nǹkan méjì, ìdí ni olùkọ́ ń wá.

Irú èsì mìíràn wà. Alátakò lè sọ pé ọmọ inú odò wà níwájú mi, àwọn ará Bẹ́ńgálì sì jìn sí mi. Níbí, Singer kò gbà pé ìjìnnà fúnra rẹ̀ lè yí ojúṣe padà. Òpó alátakò gan-an ló kọ̀. Ìyẹn yé èèyàn kíá. Èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í dá mọ̀ ni irú kẹta, níbi tí òǹkọ̀wé ti gba àtakò wọlé. Ẹnìkan lè sọ pé bí iye àwọn èèyàn bá ń pọ̀ sí i láìsí ìdíwọ̀n, ìrànwọ́ oúnjẹ ń sún ìyàn síwájú lásán ni. Singer kò sọ pé irọ́ ni. Ó ní bẹ́ẹ bá gbà bẹ́ẹ̀, ojúṣe yín ni kẹ́ ẹ ti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí ìfètò-sọ́mọ-bíbí lẹ́yìn. Ẹ wo ibi tí ọfà náà bà: À3 ló bà, ohun tí a máa fi owó ṣe ló sì yí padà. À2 kò mì rárá. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò kọ nọ́ńbà síwájú àtakò á rò pé Singer ti ṣubú níbí.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan máa ń fi hàn pé ẹnu ti fẹ́ yí padà. "Ẹnìkan lè sọ pé," "ó lè dà bíi pé," "a lè rò pé": alátakò ti ń bọ̀. "Òótọ́ ni pé … àmọ́" sábà máa ń jẹ́ ẹ̀bùn kékeré tí òǹkọ̀wé fún alátakò kó tó gba ọ̀rọ̀ padà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé àmì nìkan, torí àwọn òǹkọ̀wé kan kì í lò ó. Ìdánwò tó dájú jù ni kẹ́ ẹ fi gbólóhùn tó rú yín lójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkádìí tẹ́ ẹ kọ nígbà kíkà àkọ́kọ́. Bí gbólóhùn náà bá jẹ́ òtítọ́, ṣé ìkádìí á túbọ̀ lágbára, àbí á rọ? Bó bá máa rọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti alátakò, kẹ́ ẹ sì máa retí èsì nínú ìpínrọ̀ méjì tàbí mẹ́ta tó tẹ̀ lé e. Bẹ́ ẹ kò bá rí èsì kankan títí dé òpin, ẹ ṣe sùúrù, ẹ tún wò ó. Ó lè jẹ́ pé ibi tí ìwé náà ti ní àlàfo gan-an lẹ rí yẹn.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti wà nílẹ̀, àkọsílẹ̀ yín lórí ojú ìwé 15 kò yẹ kó kọjá ojú ìwé kan. Bó bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, àdàkọ lẹ ń ṣe. Àròkọ náà kò sì gbọ́dọ̀ kó gbogbo rẹ̀ dà sílẹ̀. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ kọ ọ̀rọ̀ 1,500, àtakò kan ti tó yín. Ẹ lè fi nǹkan bí 300 to òpó Singer, 250 gbé àtakò pọ́n-ùn 5 kalẹ̀ débi tí alátakò fúnra rẹ̀ á fi gbà pé ẹ kò rẹ́ òun jẹ, 200 sọ èsì, kẹ́ ẹ wá fi èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù yẹ èsì náà wò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí máàkì wọn kì í gòkè sábà máa ń lo 1,200 lórí ohun tí Singer sọ, wọ́n á wá fi ìyókù sọ pé àwọn gbà pẹ̀lú rẹ̀.

Báwo la ṣe ń yẹ èsì wò? Ẹ bi ara yín bóyá alátakò lè tún àtakò rẹ̀ ṣe kó bọ́ lọ́wọ́ èsì náà. Nínú ti pọ́n-ùn 5, ó lè ṣe é. Ó lè jáwọ́ nínú (a), kó wá sọ pé ojúṣe tí gbogbo wa jọ ní ni èyí, ìpín kọ̀ọ̀kan wa sì ni iye tí ìbá kàn án ká ní gbogbo ènìyàn ń ṣe tiwọn. Bí àwọn mìíràn bá kọ̀, kò tọ́ kí ẹrù wọn bọ́ sórí mi. Kò sí "bí" kankan tó já bọ́ nínú èyí, torí ìlànà tuntun ló fi rọ́pò òpó àtijọ́. Liam Murphy jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ tó gbèjà irú ìlànà yìí. Èsì Singer lórí ìgbésẹ̀ tó ṣẹ́ kò lè bá a mọ́, ẹni tó bá fẹ́ gbèjà Singer gbọ́dọ̀ wá nǹkan mìíràn wí. Ọ̀kan tó lè sọ nìyí: ọmọ méjì ń rì, àwa méjì la dúró létí odò. Mo gbé ọ̀kan jáde, ẹnì kejì mi kọ ẹ̀yìn sí wa, ó bá tirẹ̀ lọ. Ṣé mo lè wo ọmọ kejì níran kí n ní mo ti ṣe ìpín tèmi? Bó bá jẹ́ pé rárá ni, ìlànà ìpín wà nínú wàhálà. Alátakò náà lè dáhùn pé ọ̀rọ̀ ẹ̀mí tó wà lójú ẹni yàtọ̀, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ sọ ìdí tó fi yàtọ̀, Singer sì ti tako ìjìnnà ṣáájú. Ibi tẹ́ ẹ bá dúró sí nínú ìjà yìí ni kókó àròkọ yín.

Bẹ́ ẹ bá wá ń kọ ọ́, ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù fi ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí ìwé. Ẹ kọ "Singer gbé àtakò kan wá pé", "èsì rẹ̀ ni pé", "alátakò lè tún un ṣe báyìí", "mo gbà pé èsì náà kò tó, nítorí". Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá parí, ẹ ka àròkọ náà lẹ́ẹ̀kan sí i, kẹ́ ẹ sì fi S, A tàbí Ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan: Singer, alátakò, ẹ̀yin. Èyí tẹ́ ẹ kò bá rí lẹ́tà kọ sí ni kẹ́ ẹ tún kọ.